Àmì Inú Àlàfo: Gbólóhùn Kání Gẹ̀ẹ́sì láti Oríṣi Òdo dé Oríṣi Kẹta Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Sọ Yorùbá

Nínú ìdánrawò gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lára ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn kání tó ní àlàfo, kí ó sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ dí i. Oríṣi mẹ́rin ni ìwé gírámà sábà máa ń ka gbólóhùn yìí sí: oríṣi òdo, oríṣi kìíní, oríṣi kejì àti oríṣi kẹta. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi àmì ìyàtọ̀ sí kọ́ ni Yorùbá ń fi tirẹ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbára lé ìtumọ̀ nìkan láti dí àlàfo náà yóò ṣìnà níbi kan pàtó, olùkọ́ tó mọ ibẹ̀ sì lè mọ ohun tó fa àṣìṣe náà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni a fi ṣe àpẹẹrẹ oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:

(1) If Bọ́lá comes late, her teacher gets angry.
Bí Bọ́lá bá pẹ́ dé, olùkọ́ rẹ̀ máa ń bínú.

(2) If Bọ́lá comes late, her teacher will get angry.
Bí Bọ́lá bá pẹ́ dé, olùkọ́ rẹ̀ yóò bínú.

(3) If Bọ́lá came late, her teacher would get angry.
Bí Bọ́lá bá pẹ́ dé ni, olùkọ́ rẹ̀ ìbá bínú.

(4) If Bọ́lá had come late, her teacher would have got angry.
Bí Bọ́lá bá pẹ́ dé ni, olùkọ́ rẹ̀ ìbá ti bínú.

Oríṣi òdo, (1), ń sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Oríṣi kìíní, (2), ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Oríṣi kejì, (3), ń sọ ohun tí asọ̀rọ̀ kò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, tàbí tí kò retí pé yóò ṣẹlẹ̀. Oríṣi kẹta, (4), ń sọ ohun tí àǹfààní rẹ̀ ti kọjá: Bọ́lá kò pẹ́ dé, olùkọ́ kò sì bínú.

Bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ Yorùbá, a ó rí i pé awẹ́-gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “bí” kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. “Bí Bọ́lá bá pẹ́ dé” ló wà nínú gbogbo wọn. “Ni” tó gbẹ̀yìn rẹ̀ nínú (3) àti (4) nìkan ló ń fi hàn pé ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ là ń sọ. Olórí awẹ́-gbólóhùn ló gbé ìyàtọ̀ yòókù: “máa ń” fún ìṣe bárakú, “yóò” fún ọjọ́ iwájú, “ìbá” fún ohun tí kò ṣẹ. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, olórí awẹ́-gbólóhùn nìkan náà ló ya (1) sọ́tọ̀ kúrò lára (2), ṣùgbọ́n láti (2) dé (4), awẹ́ méjèèjì ló ń yí padà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà ní ìṣòro púpọ̀ láti ya oríṣi òdo àti oríṣi kìíní sọ́tọ̀, nítorí ìyàtọ̀ “máa ń” àti “yóò” ti wà lẹ́nu rẹ̀. Láàárín oríṣi kejì àti ìkẹta ni wàhálà wà.

Wàhálà náà ní orísun méjì. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò: “dé” lásán, nínú àsìkò afànámónìí, lè tọ́ka sí àná tàbí òní. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ pé “came” jẹ́ ti ìgbà tó kọjá, ó máa ń rò pé (3) ń sọ nípa àná. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú oríṣi kejì, jíjìnnà sí òtítọ́ ni “came” ń fi hàn, kì í ṣe jíjìnnà sí òní. Èkejì ni pé “ti” tó wà nínú “ìbá ti” kò ya àsìkò méjèèjì sọ́tọ̀ bí “have” ṣe ń ṣe nínú (4). Ènìyàn lè sọ pé “Bí mo bá lówó ni, ǹ bá ti ra ilé” kí ó máa sọ nípa ipò rẹ̀ lónìí. Ó sì lè lo “ìbá bínú” fún ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ lánàá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè kan tí a sábà máa ń rí irú rẹ̀:

(5) If Túndé ______ (have) a boat, he ______ (cross) the river.

Àlàfo méjèèjì ṣófo, kò sì sí ọ̀rọ̀ àsìkò kankan. “Has” pẹ̀lú “will cross” tọ̀nà. “Had” pẹ̀lú “would cross” tọ̀nà. “Had had” pẹ̀lú “would have crossed” náà tọ̀nà. Olùkọ́ tó bá gba ẹyọ kan péré nínú wọn ń fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kúkúrú kan níwájú ìbéèrè náà yóò tún un ṣe. Bí a bá kọ “Túndé has no boat”, oríṣi kejì nìkan ló bá a mu. Bí a bá kọ “Túndé had no boat last Friday, so he stayed at home”, oríṣi kẹta ni. Níbí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa “had” kan rẹ́, nítorí wọ́n rò pé àṣìtúnkọ ni. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an, tó túmọ̀ sí níní.

Àṣìṣe mìíràn ni “If I would have known”. Yorùbá gba “ìbá” nínú awẹ́ méjèèjì: “Èmi ìbá mọ̀, n kì bá tí lọ.” Ó rọrùn kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé “would” sí ibi méjèèjì lọ́nà kan náà. Àwọn kan tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn, pàápàá ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àkọsílẹ̀ tí ìdánwò ń béèrè kò gbà á. Kí olùkọ́ lè mọ irú àṣìṣe tó wà níwájú rẹ̀, kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú “now”, ìkejì pẹ̀lú “yesterday”. Bí ìdáhùn méjèèjì bá rí bákan náà, kò tíì rí ìyàtọ̀ oríṣi kejì àti ìkẹta. Bí wọ́n bá yàtọ̀, tí “would” sì wà lẹ́yìn “if”, ìtumọ̀ ti yé e. Ìrísí ló kù.

Ìpín sí mẹ́rin yìí ní ààlà tirẹ̀. Nínú gbólóhùn bíi (6), awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀:

(6) If she had slept last night, she would feel better now.
Bí ó bá sùn lálẹ́ àná ni, ara rẹ̀ ìbá yá nísinsìnyí.

Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ ti oríṣi kẹta, ìdajì kejì jẹ́ ti oríṣi kejì, gbólóhùn náà sì tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há nọ́ńbà oríṣi sórí nìkan yóò kọ “would have felt”, láìka “now” sí. Èyí tó bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè, ní awẹ́ kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣẹ àti ìgbà wo là ń sọ, yóò dé “would feel”. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni Yorùbá ń fi “ìbá” dáhùn; èkejì ni Yorùbá ń fi sílẹ̀ fún “àná” àti “nísinsìnyí”, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ sára ọ̀rọ̀-ìṣe.