Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ṣé Kókí Tó Láti Mú Iṣan Pọ̀ Sí I?

Ṣé ẹni tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja ní Dúálà lè ní iṣan sí i? Ó lè ní i, bí ó bá ń gbé irin déédéé, tí oúnjẹ rẹ̀ sì pé.

1. Ẹni tó wọn kílò 70 tó ń gbé irin nílò nǹkan bí gíráàmù 112 purotéènì lójúmọ́, ìyẹn 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100, èyí tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń fi epo pupa pò, tí wọ́n sì ń sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di kókí, ìbátan mọ́ínmọ́ín, ní nǹkan bí 24 péré; nítorí náà, sóyà àti ẹ̀pà gbọ́dọ̀ kún un. Àgbàdo ń dí àlàfo inú purotéènì ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì ń dí ti àgbàdo, kódà bí wọn kò bá sí nínú abọ́ kan náà.

2. Ẹ̀wà ní áyọ́ọ̀nù àti síǹkì, ṣùgbọ́n fáítéètì, èròjà inú hóró tó ń so mọ́ wọn, ń dí ara lọ́wọ́ láti gbà wọ́n. Rírẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù, ń dín in kù. Ọsàn tàbí gúáfà ń ran áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí kọfí dúró fún wákàtí kan ó kéré tán lẹ́yìn oúnjẹ.

3. Fítámì B12 ni ìṣòro gan-an, nítorí pé ewéko kò ní i. Oníṣègùn lè yan oògùn rẹ̀, bíi máíkírógíráàmù 50 lójúmọ́. Fólétì, fítámì mìíràn tó pọ̀ nínú ẹ̀wà, lè bo àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìní B12 ń fà mọ́lẹ̀ nígbà tí iṣan ìmọ̀lára ń bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ sì máa kú tàbí kí ó máa ta bí abẹ́rẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún B12 àti férítìnì, tó ń fi áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú hàn, gbọ́dọ̀ ṣáájú lílo oògùn áyọ́ọ̀nù.

Kí ẹni tó mọ ọ̀rẹ́ tó ń gbé irin pín in fún un.