Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rìndínlógún Ṣáájú Máratọ́ọ̀nì Èkó

Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Máratọ́ọ̀nì Èkó, oṣù Kejì ni wọ́n sábà máa ń sá a. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni. Ẹni tó bá fẹ́ sá a fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ní nǹkan bí ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, kí ó lè rí ọ̀sẹ̀ 16 lò. Ètò yìí kò wà fún ẹni tí kò sáré rí o. Ẹni tó lè sá kìlómítà 5 láìdúró, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ló wà fún.

Ọjọ́ mẹ́rin ni sísáré lọ́sẹ̀. Eré kúkúrú ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀: kìlómítà 5 ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ti Ọjọ́rú á máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 12. Àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ni eré gígùn, òun gan-an sì ni ọ̀pá ètò náà. Bí iṣẹ́ tàbí òde bá gba ọjọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ eré kúkúrú, kò burú. Kí a má ṣe dì í mọ́ ti ọjọ́ kejì.

Kìlómítà 8 ni eré gígùn fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò di 10, yóò di 12. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin yóò padà sí 9. Lẹ́yìn náà ni 14, 16 àti 18, kí ó tó tún sọ̀kalẹ̀ sí 14 ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án jẹ́ 21, ìkẹwàá jẹ́ 24, ìkọkànlá padà sí 18, ìkejìlá jẹ́ 27, ìkẹtàlá sì jẹ́ 30. Kò kọjá ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ràn àwọn ọ̀sẹ̀ ìfàsẹ́yìn wọ̀nyí, nítorí ara wọn ti ń le. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń gbára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n egungun àti okùn tó so iṣan mọ́ egungun ń fẹ́ oṣù púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí èémí kò bá hó mọ́, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje, ni ojúgun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dun ènìyàn. Kí a fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìrora náà bá tàn ká ojúgun, tó sì rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ kan sí méjì, kí a dín eré kù. Bí ó bá wà lójú kan ṣoṣo lórí egungun, tó ń dùn nígbà tí a bá ń rìn tàbí lórí ibùsùn lóru, kí eré dúró, kí a lọ rí dókítà, torí egungun náà lè ti ń sán.

Eré gígùn kì í ṣe eré àsáré. Ẹni tó ń sá a gbọ́dọ̀ lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn odidi. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ̀, ó ti yá jù. Ká ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ ni ẹnì kan fi ń sá kìlómítà kan. Yóò lo wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 22 lórí kìlómítà 27. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, aago mẹ́jọ yóò ti kọjá kí ó tó parí. Tó bá wá di ti 30, kí ó dúró nígbà tí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ bá pé, bí kò tilẹ̀ ju kìlómítà 28 lọ. Ohun tí ẹsẹ̀ yóò pàdánù lẹ́yìn ìyẹn ju èrè rẹ̀ lọ.

Eré gígùn náà ni a fi ń dán oúnjẹ wò. Ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ sábà máa ń fẹ́ tán ní nǹkan bí kìlómítà 30, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ sì ti ń wúwo lójijì. Láti ìparí wákàtí kìn-ín-ní, kí a máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí ohun tó bá a dọ́gba ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi díẹ̀ kún un bí inú bá gbà á. Ti omi, ìwọ̀n ni. Ẹni tó bá wọn ara rẹ̀ ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀, tó sì rí i pé òun wúwo sí i, ti mu omi jù. Omi àmujù máa ń fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn, ó sì lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, ìsọ̀kalẹ̀ ni: eré gígùn di 20, ó di 13, nínú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sì, eré kìlómítà 5 méjì péré ṣáájú Sátidé. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, tó wá lọ sá 32 ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, kò rí agbára kankan kún tirẹ̀, nítorí àǹfààní eré gígùn kì í tètè jáde. Àárẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò gbé dé ojú ìlà. Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ tó ti sá kìlómítà 30 náà ni kí ó wọ̀ lọ́jọ́ eré. Bíríìjì Tádì Meinlándì gùn ju kìlómítà 11 lọ, kò sí igi tàbí ibòji kan lórí rẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó sí bọ́ bàtà tuntun tó ń ha á lẹ́sẹ̀.