Búrẹ́dì Ìdájí: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó àti Wákàtí Rẹ̀

Bí o bá bi oníbúrẹ́dì kékeré kan léèrè pé èló ni búrẹ́dì kan ná an, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iye fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà ni yóò kọ́kọ́ kà fún ọ, tí yóò sì fi iye búrẹ́dì tó jáde nínú ààrò pín in. Ìṣirò náà kò burú, àmọ́ kò tíì parí. Búrẹ́dì tó jáde nínú ààrò kọ́ ló ń mówó wọlé, èyí tí ẹnìkan sanwó rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ ní àdúgbò Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta: ààrò amọ̀ tí wọ́n ń fi igi dá, páànù bíi 100, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki fúláwà pípò bọ̀ láàárín irin róbótó méjì kó lè jọ̀lọ̀, jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ náà, àti èèyàn méjì, ìyẹn ìyá tó ni ibẹ̀ àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan. Ìdajì àpò fúláwà ni wọ́n ń pò lálẹ́ kan.

Ìwọ̀n fúláwà ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń wọn gbogbo nǹkan yòókù. Fún fúláwà kílò 25, ṣúgà jẹ́ kílò 3, bọ́tà kílò 1, iyọ̀ gíráàmù 375, yíìsì gíráàmù 200, omi lítà 13. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé díẹ̀ ní kílò 42 àti ààbọ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọpọ́n, mọ́ ẹ̀rọ àti mọ́ ọwọ́ á sọ ọ́ di nǹkan bíi kílò 41 lé gíráàmù 700. Bí a bá gé e ní gíráàmù 450 kọ̀ọ̀kan, páànù 92 ni yóò kún. Nínú ààrò, omi á gbẹ lára rẹ̀, búrẹ́dì tí oníbàárà yóò gbé lọ á wọn nǹkan bíi 400.

Ibi gígé yìí gan-an ni owó ti ń jò láìsí ariwo. Ọmọṣẹ́ tó ń fi ojú díwọ̀n lè máa gé 470 láìmọ̀, inú oníbàárà á dùn, ṣùgbọ́n páànù 88 péré ni fúláwà náà yóò kún. Búrẹ́dì 4 ti lọ kí iná tó ràn. Bó bá sì gé e kéré jù, oníbàárà á mọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Òṣùwọ̀n kékeré orí tábìlì ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gé búrẹ́dì títà láìní i.

Ó kan owó wàyí. Mo ń fi iye wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ ni, kí oníkálukú fi ti ọjà tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ká ní àpò fúláwà jẹ́ ₦60,000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ṣúgà ₦4,800, bọ́tà ₦3,000, yíìsì ₦2,000, iyọ̀ àti omi ₦500. Náílọ́ọ̀nù 92, ní ₦30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦2,760. Títí débí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦43,060, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi bírò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ìdáná jẹ́ ₦5,000, epo jẹnẹrétọ̀ ₦4,000, owó iṣẹ́ èèyàn méjì ₦10,000. Ìyá tó ni ibẹ̀ wà nínú èèyàn méjì yẹn o. Ẹni tí kò bá ka owó iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn lè rò pé òun ń jèrè, nígbà tó jẹ́ pé owó ọ̀yà ara rẹ̀ ló ń ná. Owó ilé, àtúnṣe ẹ̀rọ àti páànù tó ń gbó, bí a bá pín in sí ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦2,500. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ di ₦64,560.

Bí a bá fi búrẹ́dì 92 pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wa ní nǹkan bíi ₦702. Bí àwọn alágbàtà bá ń gbà á ní ₦850, èrè ₦13,640 ló yẹ kó kù lálẹ́ kan. Àmọ́ ká ní 3 jóná tàbí kò rí bó ṣe yẹ kó rí, tí àwọn alágbàtà sì dá 5 padà ní ìrọ̀lẹ́. Búrẹ́dì 84 la tà, ₦71,400 ló wọlé, èrè wa sì di ₦6,840. Búrẹ́dì 8 péré nínú 92 ló jẹ ìdajì èrè náà. Ìdí ni pé owó tí a ti ná kò dín nítorí pé búrẹ́dì kan kò tà. Nítorí náà, 84 ló yẹ ká fi pín ₦64,560, ìyẹn sì fi hàn pé búrẹ́dì kan ń ná wa ní ₦769, kì í ṣe ₦702. Láti ibẹ̀ ló ti yẹ kí a ronú nípa iye tí a óò tà á.

Ohun tí a ó fi mọ iye tí kò ní tà ni ìwé kékeré kan. Ọjọ́ ni kí a kọ, iye tó jáde, iye tó bàjẹ́, iye tó padà wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a fi ọjọ́ Ajé wé ọjọ́ Ajé, kí a má fi í wé ọjọ́ Àìkú. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá wà ní ìsinmi, tí ẹlẹ́wà tó ń gba 15 lójoojúmọ́ bá relé ìyàwó, ìwé ló máa kọ́kọ́ sọ fún wa pé ká dín fúláwà kù. Èyí tí alágbàtà lè dá padà náà gbọ́dọ̀ ní àdéhùn. Àwọn kan kì í gbà á padà rárá, wọ́n á kúkú dín iye owó rẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tó bá sanwó kó tó gbé e. Lójú tèmi, èyí sàn ju kí búrẹ́dì máa rìn lọ rìn bọ̀.

Ti wákàtí wá ńkọ́? Ẹ̀yìn la ti ń kà á bọ̀ wá síwájú. Aago 5:30 ìdájí ni àwọn alágbàtà máa dé. Búrẹ́dì gbígbóná kò ṣeé dì: ooru inú rẹ̀ á di omi lára náílọ́ọ̀nù, ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ọjọ́ kejì ló máa bu. Ó nílò wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí pẹpẹ kó tó tutù. Nítorí náà, èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti jáde ní aago 3:30, kí dídì lè parí láàárín aago 5:00 sí 5:30. Ààrò wa ń gba páànù 46 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì la ó kó o. Ìkíní wọlé ní 2:10, ó jáde ní 2:45. Ìkejì wọlé ní 2:50, ó pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ nítorí ooru ti ń dín, ó jáde ní 3:30.

Ní ojú ọjọ́ tó móoru, pẹ̀lú ìwọ̀n yíìsì tí a kà sókè yẹn, fúláwà pípò yìí nílò nǹkan bíi wákàtí 3 nínú páànù kó tó wú dáadáa. Ìyẹn ni pé aago 11 òru kọjá díẹ̀ ni páànù ìkíní gbọ́dọ̀ ti kún. Aago 10 alẹ́ la ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò, ẹ̀rọ á gbà á títí di 10:45, lẹ́yìn náà gígé àti mímọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á mọ gbogbo 92 tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpín kejì á wá dúró de ààrò, á wú kọjá ààlà, á sì rì bí wọ́n bá ti gbé páànù rẹ̀. Ohun tó dáa ni kí ìpín kejì sinmi lábẹ́ aṣọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí a tó gé e. Nígbà náà, bí ààrò ṣe ń ṣófo ni yóò ṣe máa tó wọlé. Ìka ọwọ́ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ojú ibi tí a tẹ̀ bá yára padà, kò tíì tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya nínú ààrò. Bó bá ń padà díẹ̀díẹ̀, ó ti tó. Bí kò bá padà mọ́, ó ti kọjá.

Iná gbọ́dọ̀ ti ràn láti 12:15. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, a ó wọ́ ẹyin iná jáde, a ó gbá ilẹ̀ ààrò, a ó sì ti ẹnu rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 25 kí ooru lè tàn káàkiri. Fúláwà ẹ̀kúnwọ́ kan la fi ń dán an wò: bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ooru pọ̀ jù, bó bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó tó.

Ọyẹ́ ló ń da ètò yìí rú jù. Nígbà ọyẹ́, wákàtí 3 lè di 4. Ọ̀nà méjì ló wà: kí a bẹ̀rẹ̀ ní aago 9, tàbí kí a gbé yíìsì sí gíráàmù 300, kí a sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó. Yíìsì tó lé yẹn á fi ₦1,000 kún owó wa, kò sì tó ₦12 lórí búrẹ́dì kan. Ó rọrùn ju kí alágbàtà dé kó má bá búrẹ́dì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná, omi tútù la fi ń pò ó, a sì ń dín yíìsì kù.

Ẹ wo àkókò tó ṣí sílẹ̀ láàárín 12 àti 2 òru, nígbà tí búrẹ́dì ń wú. Ibẹ̀ ni míìtì páì tí wọ́n fi ọ́dà rán fún àárọ̀ ti ń rí àyè. A ó se ẹran àti ànàmọ́ inú rẹ̀, a ó jẹ́ kó tutù pátápátá, nítorí èyí tó bá gbóná á yọ́ bọ́tà tó wà lára ìdì rẹ̀. A ó dì í nígbà tí búrẹ́dì bá wà nínú ààrò, a ó sì kó o wọlé ní 3:35, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀ débi tí páì fẹ́. Igi kan kò tún kún un.

Ká ní ọ́dà 40 ni. Fúláwà kílò 2, bọ́tà kílò 1, ẹran kílò kan àti ààbọ̀, ànàmọ́, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà, ẹyin àti ìdì rẹ̀ lè jẹ́ ₦22,400, ìyẹn ₦560 lórí ọ̀kan. Ẹran nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Bí a bá tà á ní ₦800, ₦9,600 ló kù, ó ju ti búrẹ́dì 84 lọ. Ṣùgbọ́n bí 12 péré nínú wọn kò bá rẹ́ni gbé, ₦9,600 náà ni ó lọ, páì ẹlẹ́ran kò sì ṣeé tọ́jú di ọ̀la bíi búrẹ́dì. Nítorí náà, a kì í ṣe é láìsí ọ́dà. Ọ́dà kò sì kọjá aago 7 alẹ́, kí àyè lè wà láti wá ẹran, àti pé ₦560 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti wọlé kí a tó rà á. Bí oníbàárà bá yẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, owó ọjà tí a rà ti wà lọ́wọ́.