Ìdajì Máàpù Kì Í Ṣe Ìdajì Ojú Ìwé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń múra ìdánwò pírátíkà jọ́gíráfì. Wọ́n ní kó sọ máàpù kan di ìdajì. Férémù máàpù náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní gígùn, 16 ní ìbú. Ó ya tuntun: 20 ní gígùn, 8 ní ìbú. Lójú tirẹ̀, ó ti gé e sí méjì.

Gígùn àwọn ìlà ni wọ́n ní kó dín kù, kì í ṣe ojú ilẹ̀. Ohun tó yẹ kó yà ni 10 àti 8. Mẹ́rin irú férémù bẹ́ẹ̀ ló máa wọ inú ti àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń rò pé àwọn ti dín in kù jù. Bí máàpù bá jẹ́ 1:50,000, tí sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún kìlómítà kan, tuntun á di 1:100,000. Ẹni tó bá kọ 1:25,000 ti sọ fún olùmáàkì pé òun mú un tóbi sí i ni.

Láti gbé odò àti ọ̀nà bọ́ sínú rẹ̀, fi pẹ́ńsù ya máàpù àkọ́kọ́ sí igun mẹ́rin kéékèèké, sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì. Nínú férémù tuntun, ya wọn ní ẹyọ kan-kan. Wo ibi tí odò ti gba ìlà kọjá, kí o fi àmì sí ibẹ̀ kan náà, lẹ́yìn náà kí o so wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ní kó wá bí ilẹ̀ ṣe dagun tó láti A dé B. Lórí máàpù Nàìjíríà àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń ka gíga. A ga ní 1,250, B ní 950, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 300. Sẹ̀ǹtímítà 6 ló wà láàárín wọn, ìyẹn kìlómítà 3. Ọmọ náà fi 300 pín mítà 3,000, ó rí 1 nínú 10. Ẹsẹ̀ bàtà àti mítà kò ṣeé pín pọ̀! Ẹsẹ̀ bàtà 300 jẹ́ nǹkan bíi mítà 91, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 1 nínú 33. Ilẹ̀ tó rọra ń dagun ló fẹ́ sọ di òkè gíga.

Tábìlì ojú ọjọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Òjò oṣù méjìlá ni à ń rò pọ̀. Ìwọ̀n ooru, a ó pín in sí 12 lẹ́yìn tí a bá rò ó. Òpó là ń ya fún òjò, ìlà fún ooru. Bí òpó Èkó bá wálẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ, má ṣe pa á rẹ́: òjò máa ń dá díẹ̀ nígbà yẹn.

Ní ti àwòrán, ibi àfonífojì ló ti ń gbé e yí pò. Àwọn ìlà gíga tó gba orí odò kọjá máa ń ṣe bí lẹ́tà V, imú rẹ̀ sì máa ń kọjú sí òkè odò. Tirẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Pẹ́ńsù ló fi yà á, ìyẹn ló sì gbà á lọ́wọ́ wàhálà: ìrésà lásán ni mo nà sí i.