Ẹ̀FỌ́RÍ ÌYÁ ALÁṢỌ



Ìyá kan ń ta aṣọ ní Ọjà Gúmì nílùú Kàdúná. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń jáde nílé ní Kakúrì láìjẹ nǹkan kan. Bó bá ti di agogo méjì ọ̀sán, ẹ̀fọ́rí á dé. Ó ní ibà ni. Nígbà tó yá, ó ní àfọwọ́fà ni. Ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí.

Nígbà tó lọ fún àyẹ̀wò, kò sí ibà lára rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 120/80. Nọ́ọ̀sì wá bi í pé, "Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò tíì jẹun, ọmọ mi."

"Omi ńkọ́?"

"Píọ́ wọ́tà kan ṣoṣo. Bí mo bá mu ún jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, ta ni yóò bá mi ṣọ́ ọjà?"

Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Láti agogo mẹ́jọ alẹ́ tó ti jẹun dé agogo méjì ọ̀sán, wákàtí 18 ni. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, bí àtùpà ṣe ń fi epo jó. Bó bá lọ sílẹ̀, orí lè fọ́. Ní ti omi, ọyẹ́ Kàdúná a máa gbẹ òógùn kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Àmì rẹ̀ ni ẹnu gbígbẹ, òòyì béèyàn bá dìde, àti ìtọ̀ tó pọ́n bíi tíì. Oògùn náà tún dá kún un: ẹni tó bá ń lò ó fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, oògùn fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí.

Nọ́ọ̀sì ní kó máa kọ wákàtí tó jẹun, tó mumi, tí orí sì fọ́ ọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ìyá ń jẹ kókó àti àkàrà kó tó jáde. Ó ń mu píọ́ wọ́tà 50cl kan pẹ̀lú rẹ̀, òmíràn ní agogo mẹ́wàá, ọ̀kan ní agogo kan, ọ̀kan ní agogo mẹ́rin. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà ń bá ara wọn ṣọ́ ọjà. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀fọ́rí kò wá. Ní ọjọ́ kẹfà, oníbàárà pọ̀, kò ráyè jẹ, kò ráyè mu, ẹ̀fọ́rí sì padà dé ní agogo méjì. Ó jẹun, ó mumi, ó sinmi. Kó tó di agogo mẹ́ta, ó ti lọ. Ìyẹn ló fi mọ̀ dájú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́rí ni ebi. Èyí tó bá dé lójijì tó le gan-an, tó bá ibà àti ọrùn líle wá (ó lè jẹ́ àrùn tí àwọn Hausa ń pè ní sánkàráù), tó mú ojú ṣú tàbí apá kan rọ, tàbí tó ń ṣe aláboyún gidigidi, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín tàbí ti ọkàn, kó bi dókítà rẹ̀ iye omi tó yẹ kó máa mu.