Bí A Ṣe Ń Gbé Ìbéèrè Kalẹ̀ fún Ìdánwò tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Ṣí Ìwé Wò

Nínú ìdánwò tí a gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣí ìwé wò, ìbéèrè bíi "Kí ni ìpajẹ? Fún wa ní àpẹẹrẹ mẹ́rin" kò wọn òye ẹnikẹ́ni. Oríkì ìpajẹ àti àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Ẹni tí iṣẹ́ náà yé àti ẹni tí kò yé yóò dà á kọ bákan náà, máàkì wọn yóò sì dọ́gba. Ohun tí ó yẹ ni kí olùkọ́ gbé ohun tí kò sí nínú ìwé kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi òfin inú ìwé yẹ̀ ẹ́ wò.

Ká ní ìwé sọ pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣaájú ọ̀rọ̀-orúkọ, fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ń pa jẹ: ra ẹran di rẹran, gbé ọmọ di gbọ́mọ. Ìbéèrè lè lọ báyìí:

Wo àwọn wọ̀nyí:
(a) pa ẹja → pẹja
(b) pa iná → paná
(d) ra iṣu → raṣu
(e) wa ọkọ̀ → wakọ̀

(i) Èwo ni òfin inú ìwé rẹ kò bá mu? (máàkì 3)
(ii) Tún òfin náà kọ kí ó lè gba púpọ̀ sí i nínú wọn. (máàkì 6)
(iii) Èwo ni òfin tuntun rẹ kò gbà síbẹ̀? Kí ni èyí fi hàn? (máàkì 6)

Òfin inú ìwé bá (a) nìkan mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ìró i ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú (b) àti (d), òun náà ni a sì pa jẹ. Òfin tuntun rẹ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n (e) kò ní i, síbẹ̀ fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó jẹ. Èyí fi hàn pé ìró nìkan kọ́ ni ó ń pinnu fáwẹ́lì tí yóò jẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun mẹ́ta ni ó lè ba irú ìbéèrè yìí jẹ́. Bí olùkọ́ bá ti lo àpẹẹrẹ náà ní kíláàsì, ó ti di àdàkọ. Bí ó bá kàn béèrè pé "Kí ni èrò rẹ?", gbogbo ìdáhùn ni yóò tọ̀nà. Bí àpẹẹrẹ bá sì jẹ́ èyí tí pípè rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu, bíi se ọbẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní sebẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní sọbẹ̀, àríyànjiyàn yóò dé. Ìdí nìyí tí a fi kọ àbájáde sínú ìbéèrè fúnra rẹ̀.

Kí ìwé ìbéèrè tó jáde, kí olùkọ́ ṣí ìwé kan náà, kí ó wá gbólóhùn tí a lè dà kọ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Bí ó bá rí i, kí ó tún ìbéèrè náà gbé kalẹ̀.