Àṣẹ Ta Ni Wọ́n Fi Ń Gba Owó Tẹ́tẹ́ Lọ́wọ́ Yín?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ìkànnì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n ní bó bá fi àádọ́ta pọ́n-ùn sílẹ̀, àwọn náà á fi àádọ́ta lé e. Ohun tó bi mí kò gùn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe gbájú-ẹ̀?" Mo ní kó má tíì fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Mo ní kó fa ojú ìwé náà wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó wá sọ ohun tó bá rí fún mi.

Ó rí nǹkan mẹ́ta. Ó rí àmì àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Bìrìtéènì, ó rí nọ́ńbà kan lábẹ́ rẹ̀, ó sì rí àkọlé wínníwínní kan tó ní erékùṣù Kúrásáò ló fún wọn níwèé àṣẹ. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. "Ẹ ò rí i, wọ́n ní láísẹ́ǹsì."

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì tó wà nísàlẹ̀ ìkànnì, àwòrán lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dà á kọ láti ibòmíràn kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀. Ti Kúrásáò yẹn ń kọ́? Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Erékùṣù kékeré ni lójú òkun Káríbíánì, lábẹ́ ìjọba Nẹ́dálándì, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí ayélujára níwèé àṣẹ. Àmọ́ ẹni tí Ìyálọ́jà fún ní ìsọ̀ ní Ọjà-Ọba kò lè torí ìyẹn lọ tẹ́ àtẹ rẹ̀ sí Bódìjà. Ibi tí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ jókòó sí ni òfin Bìrìtéènì ń wò, kì í ṣe ibi tí ilé iṣẹ́ náà kọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ sí. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2014 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan pé ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ń gba owó tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Bìrìtéènì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àjọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ inú òṣùpá ló ti ń ṣiṣẹ́.

Mo ní kí àbúrò mi tẹ àmì náà wò. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kan ṣí, ó jọ ti àjọ ọ̀hún gan-an, wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà ewé kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé àṣẹ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó ka àdírẹ́sì tó wà lókè fún mi. Kì í ṣe ti àjọ náà. Àwọn tó ṣe ìkànnì tẹ́tẹ́ náà ló ṣe "ẹ̀rí" náà pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ gba ojú ọ̀nà tí ẹni tí ẹ ń yẹ̀ wò bá là fún yín. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà:

```
gamblingcommission.gov.uk
```

Níbẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Public register sí. Òun ni ìwé orúkọ gbogbo àwọn tó gbàṣẹ, ọ̀fẹ́ ni, kò sì bi yín pé ta ni yín. Ẹ lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ wá a, ẹ lè fi nọ́ńbà wá a, ẹ sì lè fi àdírẹ́sì ìkànnì náà gan-an wá a. Àbúrò mi kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà tó rí. Orúkọ ilé iṣẹ́ gidi kan jáde, gbajúmọ̀ sì ni. Inú rẹ̀ tún dùn. Mo ní kó wo ibi tí wọ́n to àwọn ìkànnì ilé iṣẹ́ náà sí, ibi tí wọ́n pè ní Domain names, kó fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Ti ilé iṣẹ́ gidi parí sí orúkọ rẹ̀ nìkan. Tàwọn èyí ní òǹkà 1 lẹ́yìn orúkọ náà. Ó wá fi àdírẹ́sì tó ní òǹkà 1 náà wá a fúnra rẹ̀. Kò sí i. Wọ́n yá nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni wọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbé nọ́ńbà ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kọ́ sára tirẹ̀.

Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì náà nínú ìwé yìí, iṣẹ́ ṣì ku díẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Active ni kí ẹ máa wá. Inactive túmọ̀ sí pé wọ́n ti kógbá sílé lábẹ́ ìwé àṣẹ yẹn. White Label sì túmọ̀ sí pé orúkọ ẹnìkan ló wà lára pátákó, ìwé àṣẹ ẹlòmíràn ni wọ́n ń lò. Kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìwé àṣẹ lẹ máa bá ṣẹjọ́ bí nǹkan bá dàrú, nítorí náà ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún wo irú iṣẹ́ tí wọ́n gbàṣẹ fún. Ibi tí wọ́n bá kọ Remote sí ni ti orí ayélujára. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá títì ni Non-Remote, ẹni tó sì ní ti ṣọ́ọ̀bù nìkan kò láṣẹ láti gba owó yín lórí fóònù.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, tí kò tilẹ̀ gba kí ènìyàn lọ wo ìwé kankan. GAMSTOP ni ètò tí ẹni tí tẹ́tẹ́ ti di àìsàn sí lára fi ń ti ara rẹ̀ mọ́ òde. Bó bá ti forúkọ sílẹ̀, kò sí ìkànnì tó láṣẹ ní Bìrìtéènì tó gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. Láti ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ni wọ́n ti fi dandan mú gbogbo wọn wọ inú ètò náà. Bí ìpolówó kan bá wá ń pariwo pé òun kò sí lábẹ́ GAMSTOP, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò láṣẹ níbẹ̀. Àwọn tó ń tiraka láti jáwọ́ ni irú wọn ń dọdẹ. Ìwà ìkà ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ti yí padà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì tíì mọ̀. Òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2005 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ fi ń fúnni níwèé àṣẹ jákèjádò Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2008. Ẹjọ́ náà falẹ̀ títí di ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kò sí lọ́wọ́ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ láti ṣòfin tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì fún àwọn ìpínlẹ̀. Àbújá, olú ìlú, nìkan ni agbára wọn mọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá wà ní Agége tí ìkànnì kan sì ń fi ìwé ìjọba àpapọ̀ nìkan yangàn, ìwé yẹn kò sọ nǹkankan fún yín mọ́. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni kí ẹ béèrè, àjọ tó sì ń fún wọn ni Lagos State Lotteries and Gaming Authority. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, àjọ ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni kó bi.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ tó wà lára aṣọ bọ́ọ̀lù lè má jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé àṣẹ. Ẹ ṣí ojú ìwé Terms and Conditions wọn, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ gan-an síbẹ̀. Orúkọ yẹn ni kí ẹ fi wo àkójọ àjọ ìpínlẹ̀, tàbí kí ẹ fi pe àjọ náà lórí nọ́ńbà tó wà lójú ìwé tiwọn fúnra wọn. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà RC ni wọ́n fi hàn yín, ìyẹn kàn sọ pé ilé iṣẹ́ náà forúkọ sílẹ̀ ní CAC ni. Aládìẹ àti agbábúrẹ́dì náà ní nọ́ńbà RC. Kò sọ ọ́ di àṣẹ láti ta tẹ́tẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó kò ṣe èyíkéyìí nínú èyí. Ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí wọ́n fún un, orúkọ obìnrin kan ló sì jáde lójú fóònù kó tó tẹ "ránṣẹ́". Ó rí i, ó sì kọjá lórí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, iye tó hàn lójú ìkànnì náà ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti ogójì. Nígbà tó fẹ́ gbà á, wọ́n ní kó kọ́kọ́ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n fún "owó orí". Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá rẹ̀ tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Owó orí tó bá kan èrè tẹ́tẹ́, inú èrè yẹn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń san án ṣáájú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún rẹ̀ kò padà wá. Nígbà tó mú ẹjọ́ lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé ìwé àṣẹ wo ni wọ́n ní, torí ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ, àjọ kò ní ohun tí yóò gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ni tirẹ̀ náà, látìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga wọn ti dá irú ẹjọ́ kan náà ní ọdún 2018. Ohun tó bófin mu fún ará wa ní Mẹ́rílándì kò bófin mu fún ti Hiúsítìnì. Bùràsíìlì ló mú un rọrùn jù: láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2025, àdírẹ́sì ìkànnì tó bá gbàṣẹ gbọ́dọ̀ parí sí .bet.br.

Ẹ má sì ro pé ìwé àṣẹ ti dáàbò bo owó yín tán. Ní Bìrìtéènì, ilé iṣẹ́ tó láṣẹ gbọ́dọ̀ sọ fún yín bí owó yín yóò ti rí bí wọ́n bá wọ gbèsè. Ìpele mẹ́ta ló wà, èyí tó kéré jù ni not protected, ìyẹn ni pé ẹ̀yin àti àwọn olówó yòókù lẹ jọ máa tò sórí ìlà. Ó bófin mu. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé àdéhùn wọn, bí ẹ bá sì bá a níbẹ̀, ẹ má fi èrè yín sùn sọ́dọ̀ wọn. Ẹ gbà á lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ ẹ́.